Èsì: Bóòtù nínú ìwé ìlò ẹ̀rọ lédè Jámánì

Ìbéèrè: «Ní ojú ewé kan mo pe bóòtù ní Bolzen, ní òmíràn mo pè é ní Schraube. Èwo ni kí n dì mú?»

Ẹ kú iṣẹ́. Schraube ni, bí irin náà bá ní ìlà yíyípo tí nọ́ọ̀tù ń gbà wọ̀ ọ́. Ohun tí Bolzen sábà máa ń jẹ́ nínú ìwé ẹ̀rọ ni píìnì dídán tí a kàn ń tì bọ ihò, nítorí náà ẹni tó ń to ẹ̀rọ lè wá ohun tí kò sí nínú páálí.

Ẹ má ṣe to àkójọ ọ̀rọ̀ yín gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì; nọ́ńbà tó wà nínú àtẹ ẹ̀yà ara ẹ̀rọ ni kí ẹ fi tò ó. Gẹ̀ẹ́sì pe ISO 4014, tí ìlà rẹ̀ kò dé orí, ní bóòtù, ó sì pe ISO 4017, tí ìlà rẹ̀ dé orí, ní síkírúù, bẹ́ẹ̀ Sechskantschraube ni àwọn ará Jámánì ń pe méjèèjì.

Láti tún èyí tí ẹ ti kọ ṣe, ẹ wá `bolz` láìka lẹ́tà ńlá sí, nítorí pé ó lè fara pamọ́ sí àárín ọ̀rọ̀ gígùn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà (èmi ti jẹ ìyà rẹ̀ rí): `den Bolzen` yóò di `den Schraube`, tó yẹ kó jẹ́ `die Schraube`, Gewindebolzen tó tọ́ yóò sì bàjẹ́.