Iye ọ̀rọ̀ kọ́ ló ń mú kókó inú ìjábọ̀ bára mu

Ìbéèrè: Ọ̀gá mi dá ìjábọ̀ mi padà, ó ní àwọn kókó tí mo tò sínú rẹ̀ kò bára mu. Mo ti gé wọn títí iye ọ̀rọ̀ wọn fi dọ́gba, síbẹ̀ ó ní kò tíì rí bó ṣe yẹ. Kí ló kù?

Ìdáhùn: Ẹ yéé ka iye ọ̀rọ̀. Mi ò mọ ẹni tó ń kọ́ àwọn èèyàn pé kókó mẹ́rin tó gùn dọ́gba ti bára mu, àmọ́ ojoojúmọ́ ni mò ń rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wo èyí:

Kí ọkọ̀ tó padà sẹ́nu iṣẹ́, a gbọ́dọ̀:
• ra táyà tuntun méjì
• títún bíréèkì ọkọ̀ ṣe
• awakọ̀ kò ní ìwé-àṣẹ
• ìdánwò ọkọ̀ lójú ọ̀nà

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin-mẹ́rin ni gbogbo wọn, síbẹ̀ ìkíní nìkan ló tọ́. Gbólóhùn tó ṣáájú wọn ló ń pàṣẹ. Ó parí sí "a gbọ́dọ̀", nítorí náà ọ̀rọ̀-ìṣe ló gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e. Ẹ fi ẹnu ka gbólóhùn yẹn mọ́ kókó kọ̀ọ̀kan, ẹ ó gbọ́ ibi tó ti ń kọsẹ̀: "a gbọ́dọ̀ títún", "a gbọ́dọ̀ ìdánwò". Ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn?

Àtúnṣe rẹ̀ nìyí:
• ra táyà tuntun méjì
• tún bíréèkì ọkọ̀ ṣe
• gba ìwé-àṣẹ fún awakọ̀
• dán ọkọ̀ wò lójú ọ̀nà

Tó bá wù yín, ẹ yí gbólóhùn iwájú sí "Iṣẹ́ tó kù ni:", kí gbogbo wọn di rírà, títún, gbígbà, dídán. Ọ̀kan ni kí ẹ mú, ẹ má pa méjèèjì pọ̀. Ẹ má sì kọ "a gbọ́dọ̀" sí iwájú gbogbo kókó. Ẹ̀ẹ̀kan ti tó lókè.

Kókó kẹta ló le jù. Ìṣòro ló sọ, nígbà tí àwọn yòókù ń sọ ohun tí a máa ṣe. Gírámà nìkan kò lè tún un ṣe, àfi kí ẹ mọ ìgbésẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbé lórí rẹ̀. Èmi fi "gba ìwé-àṣẹ" sí i nítorí àpẹẹrẹ ni. Bóyá awakọ̀ mìíràn ni wọ́n máa wá. Nínú ìjábọ̀ tiyín, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn, ẹ má dá a rò. Bí wọn ò bá tíì pinnu, ẹ yọ ọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ sí ìpínrọ̀ tirẹ̀.

Ní ti gígùn, kò burú bí kókó kan bá fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ju èkejì lọ. Èyí tó bá gba ìlà mẹ́ta láàárín àwọn onílà kan, àlàyé ló yọ́ wọnú rẹ̀. Ẹ fa àlàyé náà yọ, ẹ gbé e sí abẹ́ àkójọ.