Ọ̀rọ̀ tí a ó kà sórí fídíò tíṣà tó ń fẹ̀yìn tì

*“Tíṣà wa kan ń fẹ̀yìn tì, wọ́n wá ní kí èmi kọ ọ̀rọ̀ tí a máa kà sórí fídíò ìṣẹ́jú 5 tí a fẹ́ fi yẹ́ wọn sí. Fọ́tò àtijọ́ 60 ló wà lọ́wọ́ mi, pẹ̀lú fídíò kéékèèké 3. Mo ti kọ ojú ewé mẹ́ta, àmọ́ ṣe ló dà bí ìgbà tí èèyàn ń ka ìwé ìwáṣẹ́. Kí ni mo ṣì ṣe?”*

Ẹ ti kọ ọ̀rọ̀ ṣáájú kí ẹ tó to àwòrán ni. Ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa padà wá máa wá fọ́tò tó máa fi bo ọ̀rọ̀, ọdún tí wọ́n bí wọn, ọdún tí wọ́n gba iṣẹ́, ọdún tí wọ́n gba ìgbéga. Ẹ fi ojú ewé mẹ́ta yẹn pa mọ́, nǹkan méjì tàbí mẹ́ta ṣì máa wúlò níbẹ̀. Ẹ tú àwọn fọ́tò sílẹ̀ ná.

Gbogbo 60 kò lè wọlé. Ìṣẹ́jú 5 jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 300. Ẹ yọ nǹkan bí 60 fún fídíò kéékèèké mẹ́ta, kí ẹ yọ 10 fún fọ́tò tó máa kẹ́yìn, ó ku 230. Fọ́tò ẹnì kan máa ń fẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 4 tàbí 5 kí ojú tó gbà á dáadáa. Fọ́tò tí gbogbo kíláàsì tò sí ń fẹ́ 7 tàbí 8, torí pé ojú ara wọn làwọn tó wà nínú gbọ̀ngàn máa kọ́kọ́ wá kí wọ́n tó wo tíṣà. Tí ẹ bá pín in ní 6 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, fọ́tò 38 ló máa wọlé. Èyí tí ẹ bá kì bọ̀ ọ́ ju ìyẹn lọ, ṣe ló máa ń fò kọjá bí ẹni ń ṣí ìwé nínú afẹ́fẹ́.

Bí ẹ bá ti wá mú fọ́tò kọ̀ọ̀kan, ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ béèrè: kí ló wà nínú ọ̀rọ̀ fọ́tò yìí tí fọ́tò fúnra rẹ̀ kò lè sọ? Tí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí orin gbé e kọjá. Lójú tèmi, ohùn kò yẹ kó ju ìṣẹ́jú àáyá 180 lọ nínú 300 yẹn. Kí ẹ lè mọ iye ọ̀rọ̀ tí ìyẹn jẹ́, ẹ ní kí ẹni tó máa kà á gan-an ka nǹkan sókè fún ìṣẹ́jú àáyá 30, kí ẹ wá ka iye ọ̀rọ̀ tó kà. Tó bá ka 90, ọ̀rọ̀ 540 lẹ ní láti ná. Ojú ewé mẹ́ta yẹn á ju ìyẹn lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sáré kà á.

Ẹ jẹ́ ká fi fọ́tò méjì àti fídíò kan ṣe é. Fọ́tò àkọ́kọ́: tíṣà dúró síwájú pátákó, ẹfun lọ́wọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ máa kọ ni pé, “Níbí, tíṣà wa dúró níwájú pátákó, wọ́n ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ìṣirò.” Ojú ti rí gbogbo ìyẹn tán kí ẹnu tó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní ẹni tó wà nínú kíláàsì náà sọ fún yín pé apá òsì pátákó yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ ti dé nìyẹn. Fọ́tò kejì ni ti kíláàsì, tíṣà wà ní ìlà ẹ̀yìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni fídíò kékeré tí wọ́n ti ń pe orúkọ láàárọ̀. Báyìí ni mo ṣe máa kọ ọ́:

0:40 sí 0:48. Fọ́tò pátákó, kí àwòrán máa sún mọ́ apá òsì díẹ̀díẹ̀.
Ohùn: “Tíṣà, apá òsì pátákó yìí kì í ṣe fún iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ìbéèrè tí ẹnì kan bi yín lánàá lẹ máa ń kọ síbẹ̀.”

0:48 sí 0:56. Fọ́tò kíláàsì. Ìṣẹ́jú àáyá 3 àkọ́kọ́, kò sí ohùn.
Ohùn: “Ẹ̀yin lẹ ní kí wọ́n fi yín sẹ́yìn, kí àwọn tó kúrú lè hàn.”

0:56 sí 1:14. Fídíò orúkọ pípè. Ohùn fídíò fúnra rẹ̀. Orin dákẹ́ pátápátá.
Kò sí ọ̀rọ̀.

1:14 sí 1:18. Àwòrán tó gbẹ̀yìn nínú fídíò náà dúró sójú kan.
Kò sí ọ̀rọ̀. Àwọn èèyàn á ṣì máa rẹ́rìn-ín.

Ẹ wo àlàfo ìṣẹ́jú àáyá 4 tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Nílé, tí ẹ bá ń wò ó lórí fóònù, ó máa dà bíi pé nǹkan já. Nínú gbọ̀ngàn, ibẹ̀ ni ẹ̀rín máa ń bọ́ sí. Tí ẹ kò bá fi àyè sílẹ̀, ẹ̀rín á bo gbólóhùn tó tẹ̀ lé e mọ́lẹ̀, òun ló sì sábà máa ń jẹ́ gbólóhùn tó dùn jù. Ibi tí tíṣà bá ti ń sọ̀rọ̀ nínú fídíò, ohùn òǹkàwé gbọ́dọ̀ ti dákẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá kan kí tiwọn tó bẹ̀rẹ̀. Bí ohùn fídíò àtijọ́ náà bá ń hó, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara, ẹ kọ ohun tí wọ́n sọ sísàlẹ̀ àwòrán. Ẹ má sọ pé kí òǹkàwé tún un sọ.

Ẹ óò bi mí pé ibo ni irú ọ̀rọ̀ apá òsì pátákó ti ń wá. Kì í wá látinú “Kí lẹ rántí nípa tíṣà?” Ìdáhùn ìyẹn ni “wọ́n nífẹ̀ẹ́ wa, wọ́n le díẹ̀,” tí a lè sọ nípa tíṣà èyíkéyìí láyé. Ẹ wá èèyàn márùn-ún tí ọdún wọn jìnnà síra, kí ẹ bi wọ́n ní ohun tójú rí tàbí tí etí gbọ́: Kí ló máa ń wà lọ́wọ́ wọn? Kí ni wọ́n máa ń ṣe tí kíláàsì bá ń pariwo? Ibo ni wọ́n máa ń dúró sí nígbà ìdánwò? Ohun tí ẹni méjì tí kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ bá sọ bákan náà, ẹ gbé e wọlé. Ohun tó bá ti ẹnu ẹnì kan ṣoṣo jáde, ẹ bi olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn kan wò kó tó di ọ̀rọ̀ gbogbo ayé. Bákan náà ni kí ẹ fi àwọn fọ́tò han ẹnì kan nínú ẹbí tíṣà àti ẹnì kan níbi iṣẹ́. Wọ́n á mọ ẹni tó ti kú nínú fọ́tò náà, tí ẹ kò fi ní ka àwàdà lé e lórí, wọ́n á sì mọ fọ́tò tí ẹnì kan kọ ọdún tí kì í ṣe tirẹ̀ sẹ́yìn.

Èdè wa ní wàhálà kan níbi iṣẹ́ yìí. Tí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ *nípa* tíṣà, “wọn” lẹ máa lò. “Wọn” náà la sì ń pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́. “Nígbà tí wọ́n wọlé, wọ́n dìde, wọ́n kí wọn.” Ta ló kí ta? Lórí ìwé, èèyàn lè padà sẹ́yìn kà á. Ohùn kì í padà. Nítorí náà tíṣà fúnra wọn ni kí ẹ máa bá sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, “ẹ” fún wọn, “a” fún àwọn tó kọ́ lọ́dọ̀ wọn. Nítorí pé “ẹ” tún lè jẹ́ gbogbo èrò tó wà níjokòó, ẹ fi “Tíṣà” sí iwájú gbólóhùn nígbàkígbà tí ohùn bá ń padà wọlé lẹ́yìn fídíò tàbí orin. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, ó sì ń tún gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ọdún ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó jẹ́ ohun tí ojú ń kà. Ẹ kọ 1994 sí igun fọ́tò, kí ohùn sọ nǹkan míì. Tí ẹ bá ní kí òǹkàwé pe ọdún yẹn ní Yorùbá pọ́ńbélé, fọ́tò á ti lọ kó tó parí. Orúkọ èèyàn ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àmì ohùn nínú ìwé òǹkàwé, kódà bí ẹni tó ni orúkọ kì í bá fi sí i. Ẹ gbà á lẹ́nu ẹni tó ni ín. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ẹ má to orúkọ 20 léra. Ẹni kọkànlélógún wà ní ìjókòó, ó ń gbọ́.

Ẹ fi fóònù ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́ ná, kí ẹni tó ń gé fídíò to àwòrán lé e. Níbẹ̀ lẹ ti máa rí gbólóhùn tó gùn ju fọ́tò rẹ̀ lọ. Ẹ gé gbólóhùn, ẹ má fa fọ́tò. Ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti ń tọ́ka sí kinní kékeré nínú fọ́tò, bí apá òsì pátákó wa yẹn, ẹ tún fọ́tò náà yà: ẹ yọ ọ́ kúrò nínú ọ̀rá álíbọ́ọ̀mù, ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ pa iná kámẹ́rà. Tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ lórí fóònù, kó jẹ́ bíi fáìlì, torí ọ̀nà tí a ń gbà fi fọ́tò ránṣẹ́ lásán máa ń sọ ọ́ di bàìbàì, tí a bá wá sún un mọ́ tòsí, ẹfun àti pátákó á di ọ̀kan.

Ohùn gidi wá kàn. Yàrá tí aṣọ pọ̀ nínú rẹ̀ ló dáa jù, kí gbohùngbohùn jìnnà sí ẹnu ní ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan, kó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀ kí èémí má baà máa gbá a. Kí òǹkàwé kà á lẹ́ẹ̀mẹta, kó sì dákẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá 20 níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ lórí iṣẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yàrá yẹn lẹ máa fi dí ojú ibi tí ẹ bá ti gé ọ̀rọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, etí á mọ̀ pé nǹkan já. Orin abẹ́ ohùn, ẹ rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ ju bó ṣe wù yín lọ, kó fi dẹ̀síbẹ̀ẹ̀lì 20, ìyẹn ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe lọ sókè tó, lọ sílẹ̀ ju ohùn òǹkàwé lọ. Ẹni tí a ń ṣe é fún ti dàgbà, etí àgbà kì í tètè ya ọ̀rọ̀ sọ́tọ̀ lára orin.

Fọ́tò tó kẹ́yìn, kí gbólóhùn yín parí *kí* ó tó yọ. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 10 láìsí ohùn, kí ẹ má ṣe jẹ́ kó ṣókùnkùn láàárín rẹ̀. Tí ojú fídíò bá ṣú lójijì, ńṣe làwọn èèyàn máa ń yíjú sí ẹni tó ń gbé e, tí wọn kò ní wo tíṣà.