Ímeèlì sí ẹni tí ìwé rẹ̀ kò fi gbogbo ohun tí a béèrè hàn

*Ẹ̀yin ará, ilé-iṣẹ́ wa ní Ìbàdàn wá akọ̀wé owó oṣù. Ẹnì kan tí a kò mú kọ̀wé padà pé kí a sọ ohun tó kù nínú ìwé tí òun fi wá iṣẹ́. Báwo ni mo ṣe máa dá a lóhùn ní ṣókí tí kò fi ní di àríyànjiyàn?*

Ẹ ṣí ìkéde iṣẹ́ náà sílẹ̀ kí ẹ tó kọ ohunkóhun, torí ohun tó wà nínú rẹ̀ nìkan lẹ lè tọ́ka sí. Bí ìkéde kò bá sọ pé ẹni tó ń gbé nítòsí lẹ fẹ́, ẹ má sọ ọ́ báyìí pé ilé rẹ̀ jìnnà. Ìkéde yẹn ṣì wà lọ́wọ́ ẹni náà, yóò sì fi wé lẹ́tà yín.

Ẹ wá gbé ìkéde àti ìwé rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí ẹ mú ohun tí ẹ béèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Òmíràn wà níbẹ̀ kedere, òmíràn kò sí rárá. Èyí tó máa ń dá wàhálà sílẹ̀ ni èyí tó fara jọ ọ́ ṣùgbọ́n tí kò sọ ọ́ tán. Ẹ jẹ́ ká ní ìkéde yín béèrè ẹni tó ti ń ṣírò owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́, tó sì ń fi wọ́n ránṣẹ́ lásìkò. Ẹni náà kọ ọ́ pé, “Mo ń bójú tó owó oṣù òṣìṣẹ́ 60.” Ó lè jẹ́ pé òun ló ń ṣe gbogbo rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé ẹlòmíràn ló ń ṣírò, tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó gbé orúkọ àti iye owó lọ sí báńkì. Ẹni tó ń ṣe é fúnra rẹ̀ ló yẹ kó kọ ọ́ pé òun ń yọ ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oṣù òṣìṣẹ́ fún ìfẹ̀yìntì, pé òun ń ṣírò ìdá 10 ti agbanisíṣẹ́ mọ́ ọn, àti pé owó náà ń dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú rẹ̀ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 7 tí wọ́n bá ti san owó oṣù tán, gẹ́gẹ́ bí òfin ìfẹ̀yìntì ọdún 2014 ṣe là á sílẹ̀.

Ìdí nìyí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ kọ “ìwé yín kò fi hàn”, kì í ṣe “ẹ kò mọ̀ ọ́n”. Ìwé lẹ kà, ẹ kò tíì rí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́. Bí ẹ bá sọ pé kò mọ̀ ọ́n, ẹ̀rí ni yóò fi dá yín lóhùn lọ́jọ́ kejì, yóò sì jàre. Bákan náà ni ìwé àgùnbánirọ̀, bí ìkéde yín bá béèrè rẹ̀: ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kó tó jáde ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ìwé ìdásílẹ̀ tó yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ àgùnbánirọ̀ ló máa ní. Ẹ dárúkọ méjèèjì.

Báyìí ni kí ẹ kọ ọ́:

> Ẹ kú déédéé ìwòyí. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè. A ti mú ẹlòmíràn sí ipò akọ̀wé owó oṣù. Ohun méjì tó wà nínú ìkéde wa ni ìwé yín kò fi hàn. Èkíní ni ṣíṣírò owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì òṣìṣẹ́ àti fífi wọ́n ránṣẹ́ lásìkò. Ẹ kọ ọ́ pé ẹ ń bójú tó owó oṣù òṣìṣẹ́ 60, àmọ́ a kò rí i níbẹ̀ bóyá ẹ̀yin lẹ ń ṣe ìṣírò náà. Èkejì ni ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ tàbí ìwé ìdásílẹ̀. A kò rí ìkankan tí ẹ mẹ́nu bà. Ìwé ẹ̀kọ́ yín àti iye ọdún tí ẹ ti fi ṣiṣẹ́ bá ohun tí a béèrè mu.

Ẹ má fi ẹni tí ẹ mú wé e. Ẹ má sì kọ ọ́ pé bó bá fi èyí kún un ẹ máa gbà á nígbà mìíràn, torí ìlérí ni yóò kà á sí.

Kí ẹ tó fi ránṣẹ́, ẹ tún ìwé ẹni tí ẹ mú yẹ̀ wò. Bí ìwé tirẹ̀ náà kò bá fi ọ̀kan nínú ohun méjì yẹn hàn, ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú lẹ́tà, torí òun kọ́ ló fà á tí ẹ kò fi mú ẹnì kejì. Bí kò bá wá sí èyí tó kù mọ́, ẹ pe àwọn tí ẹ jọ yan èèyàn padà jókòó, kí ẹ mọ ìdí gan-an kí ẹ tó dá a lóhùn.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì mú ẹnikẹ́ni ní tiyín, tó sì jẹ́ pé ìwé àgùnbánirọ̀ nìkan ni ẹ kò rí, ẹ má kọ lẹ́tà ìkọ̀sílẹ̀ rárá. Ẹ pè é lórí fóònù, kí ẹ bi í bóyá ó wà lọ́wọ́ rẹ̀.