Háàdì tó ń dún ká-ká-ká, ṣé kí n fọ́mátì ẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Fótò ni mò ń yà ní Ìkéré. Háàdì kékeré 1TB tí mò ń kó fótò àwọn kọ́sítọ́mà sí ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún ká-ká-ká tí mo bá fẹ́ ṣí àwọn fólídà kan. Nígbà míì ó máa ṣí, nígbà míì láptọ́ọ̀pù á ní kí n fọ́mátì ẹ̀. Fótò ìnáwó tí mi ò tíì kó fún àwọn oní-ǹkan wà nínú ẹ̀ o. Kí ni kí n ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, má fọ́mátì nǹkankan. Tó bá tún gbé `You need to format the disk` jáde, `Cancel` ni kó o tẹ̀, kó o sì yọ ọ́ ná.

Hẹ́ẹ̀dì ẹ̀, ìyẹn ohun tó ń ka nǹkan tó wà nínú ẹ̀, ló ń dún yẹn. Àwo dídán ló wà nínú háàdì, ó ń yí, nínú àwọn kékeré tá à ń gbé kiri yìí ọ̀pọ̀ ló ń yí ní ìgbà 5400 ní ìṣẹ́jú kan, hẹ́ẹ̀dì á wá máa lọ máa bọ̀ lórí ẹ̀ láì fara kàn án. Iléeṣẹ́ tó ṣe é ti kọ àwọn àmì kan sójú àwo yẹn, òun ni hẹ́ẹ̀dì fi ń mọ ibi tó wà. Tí ò bá wá rí àmì yẹn kà, á sá padà síbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, á tún jáde lọ wò ó, á tún sá padà, ohun tí etí ẹ ń gbọ́ nìyẹn. (Èyí tó máa ń dún lẹ́ẹ̀kan péré tó o bá pa á ò burú o, ṣe ni hẹ́ẹ̀dì ń padà síbi tó ń sinmi.)

Àmọ́ kó o tó sọ pé ó ti ń kú, wo iná tó ń jẹ. Ara láptọ́ọ̀pù ni irú háàdì yẹn ti ń gba iná, pọ́ọ̀tù àtijọ́ ò sì ju 500 mílíáńpù lọ, ó lè má tó o láti gbéra. Tí iná ò bá tó, òun náà á máa dún ká-ká. Nítorí náà pààrọ̀ wáyà, fi háàdì sí pọ́ọ̀tù aláwọ̀ búlúù, má gba inú ẹ̀rọ tó ń pín pọ́ọ̀tù kọjá. Tí ariwo bá lọ, wáyà ló jẹ̀bi, ọpẹ́ ni.

Tí ò bá lọ, ibi tó ti ń dún ló máa sọ fún ẹ bó ṣe ń ṣe é tó. Tìẹ tó jẹ́ pé fólídà kan ló ti ń dún tó sì tún ń ṣí, ojú àwo ló ti ń bàjẹ́ níbẹ̀ tàbí kí hẹ́ẹ̀dì ti ń rẹ̀ ẹ́, o ṣì ráyè díẹ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ bó ṣe máa pẹ́ tó. Èyí tó bá ń dún látìgbà tó o ti so ó mọ́ láptọ́ọ̀pù, tí kọ̀ǹpútà ò rí i rárá, tó wá dákẹ́, ó jọ pé hẹ́ẹ̀dì ẹ̀ ti lọ nìyẹn, kò sí sọ́fíwìà tó lè ràn án. Tó bá wá jẹ́ pé ó ń lọ gẹrẹgẹrẹ bí ẹni ń lọ ata lórí ọlọ, fà á yọ lójú ẹsẹ̀, má dúró wá `Eject`! Ó lè jẹ́ hẹ́ẹ̀dì ló ti ń ha àwo, gbogbo ibi tó bá sì ti ha, fótò ibẹ̀ ti lọ, ẹnikẹ́ni ò lè dá a padà.

O lè fi sọ́fíwìà CrystalDiskInfo wò ó. `Current Pending Sector Count` ni kó o wò, ìyẹn iye ibi tó kọ̀ tí ò ṣeé kà. Nọ́ńbà ibẹ̀ kì í ṣe bá a ṣe ń ka owó o, tó o bá rí `A0` lẹ́yìn òdo, 160 nìyẹn. Tó bá sì kọ `Good` tó ṣì ń dún, etí ẹ ni kó o gbàgbọ́.

Bó o ṣe máa kó o nìyí. Wá háàdì míì. Fótò ìnáwó táwọn èèyàn ṣì ń retí ni kó o kọ́kọ́ kó, fólídà kọ̀ọ̀kan, má kó gbogbo ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó bá ti ń há, fò ó, bọ́ sí ìkejì, torí pé bó o bá ń fipá mú ibi tó ti bàjẹ́ yẹn, ibẹ̀ ni hẹ́ẹ̀dì máa kú sí tí gbogbo èyí tó dáa á sì há sínú. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kó o fi `chkdsk`, àṣẹ Windows tó ń tún háàdì ṣe, kàn án rárá. Tó o bá mọ Linux lò, èyí ló dáa jù, ó ń kọ́kọ́ kó ibi tó yá kó tó padà síbi tó le:

```
sudo ddrescue -n /dev/sdb foto.img foto.map
```

Fi `lsblk` wo orúkọ háàdì ẹ kó o tó tẹ̀ ẹ́, ó lè má jẹ́ `sdb`, háàdì tó ò ń kó o sí sì gbọ́dọ̀ ju 1TB lọ.

Tí iná bá ń ṣe ségesège lọ́dọ̀ yín, rí i pé bátìrì láptọ́ọ̀pù kún kó o tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń ní kó o gbé e sínú fíríìsà, má dá wọn lóhùn, omi ló máa rọ̀ sójú àwo. Tó bá ti wá di gẹrẹgẹrẹ, má gbé e wá sí Adó fún mi, èmi ò ní yàrá tí eruku ò lè wọ̀, ẹni tó bá sì ní òun á tú u lórí tábìlì ṣọ́ọ̀bù, gba háàdì ẹ lọ́wọ́ ẹ̀.