Ìlà kan tó ń dá páwà 2 mọ̀, àti òdo tó yọ́ wọlé sí mi lára

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ gbà mí o. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá nọ́ńbà kan jẹ́ páwà 2, ìyẹn 1, 2, 4, 8, 16 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Mo kọ `n & n - 1 == 0` ní Python, ó ṣiṣẹ́. Mo gbé e lọ sórí Arduino, ó ní 64 kì í ṣe páwà 2! 1 nìkan ló ń gbà. Kí ló dé?

Àbúrò, bírákẹ́ẹ̀tì lo jẹ ẹ́. Ní Python, á kọ́kọ́ yọ 1, á wá ṣe `&`, ẹ̀yìn ìyẹn ló tó máa fi wé òdo, bó o ṣe ní in lọ́kàn gan-an nìyẹn. Àmọ́ C++ ni Arduino ń sọ, níbẹ̀ yẹn `==` ló máa ń ṣíwájú `&`, torí náà ohun tó kà nínú ìlà tó o kọ nìyí:

```
if (n & ((n - 1) == 0))
```

Fi 64 sí i kó o wò ó. 64 yọ 1 ku 63, ó wá bi ara ẹ̀ pé ṣé 63 jẹ́ òdo, rárá, ìyẹn fún un ní 0, 64 & 0 sì rèé, òdo náà ni. Gbogbo nọ́ńbà ló máa já síbẹ̀ àyàfi 1, torí 1 yọ 1 jẹ́ òdo lóòótọ́, ìyẹn á fún un ní 1, 1 & 1 á wá jẹ́ 1. Dennis Ritchie tó ṣe C, èdè tí C++ ti jáde wá, fúnra ẹ̀ ṣàlàyé pé níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, `&` yìí kan náà ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tí `&&` ń ṣe báyìí, ìgbà tí `&&` wá dé, kóòdù ti pọ̀ nílẹ̀ tí wọn ò fẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n bá fi `&` sílẹ̀ síbi tó wà. Àwa la wá ń san gbèsè ẹ̀.

Ohun tó tún ń bí mi nínú ni pé kọ̀ǹpáílà mọ̀, ó sì fẹ́ sọ fún ẹ, wọ́n pa á lẹ́nu mọ́ ni. Lọ sí File, Preferences, níbi Compiler warnings, gbé e sí All, wàá rí i tó máa kọ:

```
warning: suggest parentheses around comparison in operand of '&' [-Wparentheses]
```

Ó dáa, ká ní o ti fi bírákẹ́ẹ̀tì sí i, `(n & (n - 1)) == 0`. Má tíì dìde, torí ibẹ̀ gan-an ni tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ ná. Tó o bá yọ náírà kan nínú 1000, 999 ló máa kù, gbogbo òdo yẹn ló yí padà. Bákan náà ni fún bíìtì: 64 jẹ́ 1000000, 63 jẹ́ 0111111, kò síbi kankan tí 1 ti pàdé 1, `&` á fún ẹ ní òdo. Wá wo 48, òun jẹ́ 110000, 47 jẹ́ 101111. 1 tó wà lápá òsì pátápátá ò yí padà, torí yíyọ 1 ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, 1 tó kẹ́yìn lápá ọ̀tún nìkan ló fọwọ́ bà, àtàwọn òdo ẹ̀yìn ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí `&` fi mú 32 jáde, o ti mọ̀ pé 48 ní ju 1 ẹyọ kan lọ. Páwà 2 kì í ní ju ẹyọ kan.

Inú òdo ni ìyà wà. 0 & ohunkóhun, òdo ni, torí náà àyẹ̀wò yìí máa sọ pé òdo náà jẹ́ páwà 2, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń sọ pé ta ló máa fi òdo sí i.

Ìnfátà ni mo ń tún ṣe níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Mo ṣe páálí kékeré kan fún ìyá kan tó ń ta ẹja yìnyín ní Tákíè, Arduino Uno ló wà nínú ẹ̀, á máa wo fọ́tééjì bátìrì ní ìṣẹ́jú àáyá 10-10, tó bá ti lọ sílẹ̀ jù, rílè á já iná kí bátìrì má bàa kú. Ó ń tọ́jú kíkà 64 tó kẹ́yìn, mo to ààyè 64 sílẹ̀ nínú mẹ́mórì, bí ẹni ń ta ayò, tó bá dé ihò ìkẹyìn, á padà sí ti àkọ́kọ́:

```
buf[i & (n - 1)] = kika;
i++;
```

Àràmàdà ìlà yìí ni pé `i & 63` ò lè kọjá 63 láé. Àmọ́ n gbọ́dọ̀ jẹ́ páwà 2, torí tó o bá fi 48 sí i, 47 ò ní bíìtì ti 16, i tó jẹ́ 16 á padà lọ kọ sórí ihò 0, ihò 16 dé 31 ò ní rí nǹkan kan gbà títí ayé. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo jẹ́ kó ka n látinú fáìlì lórí mẹ́mórì káàdì, kí n má bàa máa tú páálí nítorí nọ́ńbà kan. Ọmọ iṣẹ́ mi ló kọ fáìlì yẹn, ó kọ `S64`, ó ní S yẹn dúró fún sáìsì. Bí `atoi` tó ń sọ ọ̀rọ̀ inú fáìlì yẹn di nọ́ńbà bá ti bá lẹ́tà níwájú, 0 ló máa dá padà, kò sì ní pariwo. Òdo wọlé, àyẹ̀wò mi ní páwà 2 ni, máa kọjá, mo tún ní àyẹ̀wò pé kó má ju 64 lọ, òdo ò ju 64, máa kọjá. 0 yọ 1 nínú `uint16_t` kì í di -1, 65535 ló máa ń dà, gbogbo bíìtì ẹ̀ mẹ́rìndínlógún jẹ́ 1, `i & 65535` ò wá dí i lọ́wọ́ mọ́. Kíkà 64 àkọ́kọ́ lọ dáadáa, ìkarùndínláàádọ́rin bọ́ sínú mẹ́mórì tí kì í ṣe tiẹ̀, ó kọ nǹkan sórí nọ́ńbà tí rílè ń wò.

Iná já, ẹja yọ́. Mo pààrọ̀ rílè lẹ́ẹ̀mejì, mo fọ ẹnu bátìrì, mo ti fẹ́ máa sọ fún màmá pé kí wọ́n ra bátìrì tuntun o, ọpẹ́lọpẹ́ pé mo wo aago fóònù. Tí n bá ti tan án, ó ń já ní nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ààbọ̀, lójoojúmọ́, bátìrì yó ni o, bátìrì ò yó ni o. Bátìrì kì í mọ aago báyẹn. 64 lọ́nà 10 jẹ́ 640, ìṣẹ́jú 10 àti àáyá 40. Mo fi `Serial.println(n)` sí i, ó kọ 0 sí mi lójú.

Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́ látìgbà náà:

```
bool paawa2(uint16_t n) {
  return n != 0 && (n & (n - 1)) == 0;
}
```

Má lo `int` níbẹ̀ o. Lórí Uno, -32768 ní 1 ẹyọ kan ṣoṣo, lápá òsì pátápátá, ó lè jọ páwà 2, C ò sì ṣèlérí nǹkan kan fún ẹ tó o bá yọ 1 nínú ẹ̀. Tó bá wá di 32768 nínú `uint16_t`, àyẹ̀wò pé kó má ju 64 lọ ló máa mú un, torí náà méjèèjì ni kó o fi síbẹ̀.

Tí àyẹ̀wò bá ti kọ̀, páálí mi á mú 64 fúnra ẹ̀, iná pupa á máa ṣẹ́jú. Ọmọ iṣẹ́ mi tún ti kọ `S64` lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín, iná pupa ló bá a wí, ẹja ò yọ́.