Ta ni kí n gbé Instagram ṣọ́ọ̀bù mi fún?

"Ẹ jọ̀ọ́, áńkárà àti léèsì ni mò ń tà ní Balógun. Ṣé àjẹ́nsì ni kí n gbé Instagram mi fún ni, àbí fírílánsà, àbí kí n gba ọmọ kan sí ṣọ́ọ̀bù?"

Ẹ kú ọjà o, mà. Ìdúmọ̀tà ni èmi wà, ọjà kan náà là ń tà, mo sì ti lo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ gba ọmọ kan sí ṣọ́ọ̀bù, kí ẹ wá fírílánsà tí yóò máa bójú tó ìpolówó nìkan. Ẹ fi ti àjẹ́nsì sílẹ̀ ná.

Ọjà tiwa kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Léèsì tó wọlé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé lè ti tán kó tó di Ọjọ́bọ̀, kó wá ku àwọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́. Lẹ́kí ni ọ́fíìsì àjẹ́nsì tí mo lò wà, láti ìparí oṣù ni wọ́n sì ti máa ń to gbogbo ohun tí wọ́n máa gbé jáde lóṣù tó ń bọ̀. Àwòrán wọn rẹwà, mi ò ní parọ́ mọ́ wọn, ṣùgbọ́n aṣọ tó ti tán ni wọ́n ń polówó. Oníbàárà á béèrè búlúù, wọ́n á ní kó fún àwọn ní ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á wá máa pè mí nígbà tí mo wà láàárín òkìtì aṣọ. Kí èsì tó dé, ẹni yẹn ti rà á níbòmíràn.

Ẹ wo owó rẹ̀ náà. Ká ní èrè yín lórí léèsì kan jẹ́ ₦3,000, tí àjẹ́nsì sì ń gba ₦300,000 lóṣù. Léèsì ọgọ́rùn-ún lẹ máa tà kí owó iṣẹ́ wọn nìkan tó wọlé, owó ìpolówó fúnra rẹ̀ ò sì sí nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ínbọ́ọ̀sì yín. Ẹ ka gbogbo ẹni tó béèrè iye lọ́sẹ̀ tó kọjá, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé: ìgbà wo la dá a lóhùn, ṣé ó sì sanwó? Bí àwọn tó ń béèrè bá pọ̀, tí èsì ń pẹ́, ẹni tó máa dáhùn lẹ nílò, ìpolówó kankan ò lè wo ìyẹn sàn. Bí èsì bá ń yá, ṣùgbọ́n tí kò sẹ́ni tó ń béèrè, fírílánsà lẹ nílò.

Ọmọ ṣọ́ọ̀bù á máa ya fídíò bí ẹ bá ṣe ń tú ẹrù gan-an. Ẹnu ọ̀nà ni kó ti yà á, nínú ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́, torí iná ṣọ́ọ̀bù máa ń yí àwọ̀ padà, ibẹ̀ ni "kì í ṣe èyí tí mo rí nìyí" ti ń wá. Kó kọ iye yáàdì àti iye owó sí i. Fóònù ṣọ́ọ̀bù ni kó lò, kí síìmù rẹ̀ wà lórúkọ yín. Nọ́ńbà àkáǹtì tó ń fi ránṣẹ́, ẹ tò ó sí Quick replies lórí WhatsApp Business fúnra yín, kí ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò lóòrèkóòrè, nítorí mo mọ ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ iṣẹ́ ti fi tiẹ̀ rọ́pò. Aláàtì sì gbọ́dọ̀ wọlé sórí fóònù tiyín kí aṣọ tó kúrò nílẹ̀. Ẹ má gba sikirinṣọ́ọ̀tì lọ́wọ́ oníbàárà.

Fírílánsà ní tiẹ̀, ẹ má fún un ní páásíwọ́ọ̀dù. Lórúkọ yín ni kí ẹ ṣí àkáǹtì ìpolówó ní business.facebook.com, kí ẹ fi ímeèlì rẹ̀ sí abẹ́ People, kí ẹ fún un ní àyè tó mọ sórí ìpolówó. Káàdì yín ni kó máa sanwó Meta, kí owó iṣẹ́ rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀. Orúkọ ara wọn ni àjẹ́nsì yẹn fi ṣí tèmi. Ọjọ́ tí a pínyà, gbogbo àkọsílẹ̀ ìpolówó, títí kan àkójọ àwọn tó ti fìfẹ́ hàn sí ọjà mi, ọ̀dọ̀ wọn ló kù sí.

Bí ẹ bá ní ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta, tí aṣọ sì ń lọ sí òkè òkun, ẹ lè wá ronú nípa àjẹ́nsì. Ìgbà yẹn náà, abẹ́ Partners ni kí ẹ fi wọ́n sí.

Bí ọmọ ṣọ́ọ̀bù bá sì fẹ́ lọ, ẹ gba fóònù, ẹ wo Linked devices lórí WhatsApp, kí ẹ yọ gbogbo ẹ̀rọ tí ẹ ò dá mọ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ yí páásíwọ́ọ̀dù Instagram padà lọ́jọ́ náà gan-an.