Nígbà tí 4 bá yọ ẹsẹ̀: máàpù Karnaugh fún ìlà e, àti géètì mẹ́ta tó gbé e

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo ń ṣe dísípíléè oníìlà méje tó ń ka 0 dé 9. Mo ya máàpù Karnaugh fún ìlà e, èyí tó wà lápá òsì nísàlẹ̀, D' nìkan ni mo rí, ìyẹn òdìkejì wáyà D, mo sì so ó bẹ́ẹ̀. Ìlà e wá ń tàn lórí 4, kò sì yẹ kó tàn. Mo ti tú gbogbo wáyà, mo tún un so, bákan náà ló ṣe. Níbo ni mo ti ṣìnà, báwo ni mo sì ṣe máa ya géètì rẹ̀?"

Àbúrò mi, fi wáyà sílẹ̀. Inú máàpù ni àṣìṣe náà wà. Mo mọ̀ ọ́n nítorí pé èmi náà jìyà rẹ̀ fún alẹ́ méjì gbáko nígbà tí mo ṣì wà nílé ẹ̀kọ́. 4 tèmi náà yọ ẹsẹ̀ kan sí apá òsì nísàlẹ̀. Mo ra dísípíléè tuntun, mo pààrọ̀ áísì, ẹsẹ̀ yẹn kò kúrò.

Wo bí o ṣe kọ nọ́ńbà sí etí máàpù rẹ. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé 00, 01, 10, 11 lo kọ, bí a ṣe ń kà á lẹ́nu. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ilé 0 á bọ́ sókè pátápátá, ilé 12 á sì bọ́ sí ìsàlẹ̀ pátápátá nínú òpó kan náà. O máa rò pé wọ́n pàdé létí, o máa kó wọn sínú agbo kan, o máa pa A àti B rẹ́, C'D' á sì kù sí ọ lọ́wọ́. Nígbà tí o bá wá fi CD' tí òpó 10 fún ọ kún un, C náà á lọ, ó ku D' nìkan. D' sì ń tan iná fún 0, 2, 4, 6 àti 8. Bí 4 ṣe rọ́nà wọlé nìyẹn.

Agbo onílé méjì kò gbọ́dọ̀ pa ju lẹ́tà kan rẹ́. 0 ni 0000, 12 ni 1100: lẹ́tà méjì ló yí padà, nítorí náà wọn kì í ṣe aládùúgbò rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń kọ ọ́ ní 00, 01, 11, 10, kí ó lè jẹ́ pé lẹ́tà kan ṣoṣo ló ń yí bí a bá ṣí láti ilé kan sí èyí tó tẹ̀ lé e. Veitch ló kọ́kọ́ gbé irú máàpù yìí jáde ní 1952. Ní 1953 ni Maurice Karnaugh, tó ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs, wá tún un tò báyìí, ìtò yẹn gan-an ló sì fi ń ṣiṣẹ́.

Jẹ́ ká ya á padà. A dúró fún 8, B fún 4, C fún 2, D fún 1. Ìlà e gbọ́dọ̀ tàn fún 0, 2, 6 àti 8 nìkan. 10 dé 15 kò ní wáyé nínú ohun tó ń ka 0 dé 9, nítorí náà a fi X sí ilé wọn: a lè kà á sí 1 tàbí 0, èyí tó bá ràn wá lọ́wọ́.

```
         CD
AB     00  01  11  10
00      1   0   0   1
01      0   0   0   1
11      X   X   X   X
10      1   0   X   X
```

Òpó tó kẹ́yìn, 10, kún fún 1 àti X láti òkè délẹ̀. Ilé mẹ́rin nìyẹn, CD' ló fún wa. Ó ku 0 àti 8. Ká máàpù náà lọ́kàn rẹ bí ẹní, kí etí òsì kan etí ọ̀tún, kí òkè sì kan ìsàlẹ̀: igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á pàdé. Ilé 0, 2, 8 àti 10 nìyẹn, X tó wà ní 10 ló sì jẹ́ kí ó pé mẹ́rin. B'D' ló fún wa.

```
e = B'D' + CD'
```

Má ṣe jẹ́ kí ẹ̀rù bà ọ́ pé A ti pòórá. Wáyà A kò ní iṣẹ́ kankan lórí ìlà e.

Nígbà tí mo dé ibí, mo sáré lọ ya géètì. Mo fẹ́ fi NAND nìkan ṣe é: ọ̀kan láti yí B, ọ̀kan láti yí D, ọ̀kan fún agbo kọ̀ọ̀kan, ọ̀kan láti pa wọ́n pọ̀. Márùn-ún nìyẹn, mẹ́rin péré sì ni 74HC00 ní nínú, ni mo bá ní láti lo áísì méjì. Ọ̀gá kan tó ń tọ́jú yàrá ìdánwò wa wo ìwé mi, ó ní, "Ṣé o ti kó àwọn òdo jọ?" N kò tíì kó wọn jọ. Láti ọjọ́ yẹn, n kì í ya géètì kankan láì tíì wo òdo.

Kó wọn jọ báyìí. Òpó méjì àárín, 01 àti 11, òdo àti X nìkan ló wà níbẹ̀. Agbo onílé mẹ́jọ ni, D sì ni orúkọ rẹ̀. Òdo kan péré ló ṣẹ́ kù, ilé 4, ó sì bá 5, 12 àti 13 ṣe agbo, BC'. Ìlà e á kú nígbà tí D bá jẹ́ 1 tàbí nígbà tí BC' bá jẹ́ 1. Tí ìkankan nínú méjèèjì kò bá ṣẹlẹ̀, ó tàn. Ìtumọ̀ NOR gan-an nìyẹn, BC' fúnra rẹ̀ sì jẹ́ NOR ti B' àti C:

```
e = D'(B' + C) = NOR(D, NOR(B', C))
```

NOR mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀, 74HC02 kan ṣoṣo gbà á, géètì kan sì ṣẹ́ kù. Yà á láti òsì sí ọ̀tún. Géètì kìíní, fi B wọ ẹnu méjèèjì, B' ló máa jáde. Géètì kejì, B' àti C wọlé. Géètì kẹta, èyí tó jáde láti kejì àti D wọlé, e ló jáde. Kọ nọ́ńbà ẹsẹ̀ áísì sí orí àwòrán náà kí o tó fọwọ́ kan wáyà:

```
B  -> 2, 3    1  = B'
1  -> 5   C -> 6    4  = BC'
4  -> 8   D -> 9    10 = e
7, 11, 12 -> GND    14 -> +5V
```

Ṣọ́ra níbí o, nítorí 74HC02 kò tò bíi 74HC00. Lórí 00, ẹsẹ̀ 1 jẹ́ ẹnu tí nǹkan ń gbà wọlé, ṣùgbọ́n lórí 02, ibẹ̀ ni nǹkan ti ń jáde. Mo so ó bíi 00 nígbà kan, B ń ti 5V wọ ibi tí géètì fúnra rẹ̀ ti ń gbé 0 jáde, áísì náà sì gbóná débi pé n kò lè fi ìka kàn án. Ẹsẹ̀ 11 àti 12 ni ti géètì tó ṣẹ́ kù. Tí o bá fi wọ́n sílẹ̀ lófìfo, wọ́n á máa gbé ariwo iná tó wà nítòsí, nítorí náà ni mo fi so wọ́n mọ́ ilẹ̀. Fi rẹ́sítọ̀ 1,000 ọ́ọ̀mù sáàárín ẹsẹ̀ 10 àti ìlà e, lórí dísípíléè tí gbogbo ìlà rẹ̀ pín ẹsẹ̀ òdì lò.

Kí o tó fi iná sí i, fi ìka tọ 4 àti 6 lórí àwòrán. Fún 4, B' jẹ́ 0, C jẹ́ 0, géètì kejì mú 1 jáde, ti ìkẹyìn mú 0. Fún 6, C di 1, géètì kejì mú 0, D náà jẹ́ 0, ti ìkẹyìn mú 1. Tí méjèèjì bá bọ́ sí i, tẹ̀ síwájú kí o dán gbogbo 0 dé 9 wò pẹ̀lú súwíìṣì.

Tí o bá fi súwíìṣì yẹn gbé 10 tàbí 14 wọlé, ìlà e á tàn, fún 11, 12, 13 àti 15 kò ní tàn. X tí a yàn ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe wáyà, nítorí náà má tún tú u.